Bí a ṣe ń fi gíráàfù kúáńtáìlì mọ̀ bóyá dátà sún mọ́ nọ́máàlì tó

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé dátà àwọn jẹ́ nọ́máàlì, ìyẹn pé ó pọ̀ jù ní àárín, ó sì ń dín kù bákan náà lápá méjèèjì bí agogo. Tí ẹ bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, hísítógíráàmù kan ni wọ́n á nà sí yín. Nígbà tí nọ́ńbà ò ju 15 tàbí 20 lọ, hísítógíráàmù ò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Ẹ kàn fẹ àwọn òpó rẹ̀ díẹ̀ sí i, ohun tó dà bí agogo tẹ́lẹ̀ á di òkè méjì. Gíráàfù kúáńtáìlì ló yẹ iṣẹ́ náà, nítorí pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ lórí rẹ̀, a ò sì kó wọn pọ̀ sínú òpó kankan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń yà á gan-an tún máa ń kọsẹ̀ níbi kíkà rẹ̀. Wọ́n á wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní "àwọn àmì náà sún mọ́ ìlà", ó parí. Báwo ni wọ́n ṣe sún mọ́ ọn tó? Ibo ni wọ́n ti kúrò lára rẹ̀? Ṣé irú ìkúrò yẹn kì í ṣẹlẹ̀ sí dátà tó jẹ́ nọ́máàlì pọ́ńbélé? Ìtọ́sọ́nà yìí dá lé àwọn ìbéèrè mẹ́ta yẹn.

Ohun tí ẹ nílò

Kọ̀ǹpútà tí Excel tàbí R wà lórí rẹ̀ tó. Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà, bébà gíráàfù àti tábìlì z ẹ̀yìn ìwé ìṣirò náà lè ṣe é. Ẹ tún nílò ìwé tí wọ́n ti kọ dátà náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí a máa padà sídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dátà fúnra rẹ̀. Èyí tí a ó lò níbí jẹ́ àpẹẹrẹ tí a gbé kalẹ̀ láti fi kọ́ni: kílò kòkó gbígbẹ tí àgbẹ̀ 15 kó wá sí sítọ́ọ̀ olùrà kòkó kan ní Iléṣà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì wọ̀n lórí òṣùwọ̀n kan náà.

19, 31, 33, 36, 45, 47, 58, 62, 64, 78, 81, 88, 112, 124, 187

Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ kílò 71, nọ́ńbà tó wà ní àárín gbùngbùn jẹ́ 62, ìwọ̀n ìfọ́nká wọn sì jẹ́ 43.8.

Ìpele 1: Ẹ pinnu ohun tó yẹ kó jẹ́ nọ́máàlì

Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun ló sì ń ba ìyókù jẹ́. Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yín ló yẹ kí ẹ dà papọ̀ sínú gíráàfù kan. Tó bá jẹ́ pé sítọ́ọ̀ Iléṣà àti sítọ́ọ̀ Ìfẹ̀wàrà ni ẹ fẹ́ fi wéra, tí ìpíndọ́gba àkọ́kọ́ jẹ́ 70, tí ti èkejì sì jẹ́ 150, àwọn àmì á pín sí ọ̀wọ́ méjì tí àlàfo wà láàárín wọn. Ẹ ó wá sọ pé dátà kì í ṣe nọ́máàlì, nígbà tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lè dára ní tirẹ̀. Ohun tí irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ ń béèrè ni pé kí àwọn ìyókù jẹ́ nọ́máàlì. Ìyókù ni ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ìpíndọ́gba sítọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò lára kílò àgbẹ̀ tó kó ọjà wá síbẹ̀. Àwọn ìyókù yẹn ni kí ẹ yà.

Ẹ tún bi ara yín pé kí ni ẹ fẹ́ fi èsì náà ṣe. Nínú àpẹẹrẹ wa, olùrà fẹ́ mọ ìwọ̀n tí kílò àgbẹ̀ kan lè kéré mọ tàbí pọ̀ mọ, kó lè mọ àpò tí yóò pèsè. Ìbéèrè nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan nìyẹn, ìrù dátà, ìyẹn ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, ló sì ń dáhùn rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé ìpele 6.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀: "Mo ń wo bóyá ____ sún mọ́ nọ́máàlì tó láti fi ____." Tí ẹ ò bá lè dí àlàfo méjèèjì, ẹ má tíì ya nǹkan kan.

Ìpele 2: Ẹ to nọ́ńbà, kí ẹ sì wá z fún ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ tò wọ́n láti èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Ẹ fún wọn ní ipò, láti 1 dé 15. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò ìdá p fún ipò kọ̀ọ̀kan:

p = (i − 0.5) / n

Níbí, i ni ipò, n sì ni iye nọ́ńbà, tí í ṣe 15. Fún ẹni àkọ́kọ́, 0.5 ÷ 15 fún wa ní 0.033. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a gbà pé àgbẹ̀ tó kó 19 wá dúró níbi tí nǹkan bí ìdá 3.3 nínú 100 wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kúáńtáìlì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: nọ́ńbà tí ìdá báyìí nínú dátà wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wá z tó bá p kọ̀ọ̀kan mu. z ni ibi tí ẹni tó wà nípò yẹn ìbá dúró sí ká ní nọ́máàlì tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 0, tí ìwọ̀n ìfọ́nká rẹ̀ sì jẹ́ 1 ni gbogbo wọn ti jáde. Nínú Excel, ẹ to kọ́lọ́ọ̀mù báyìí: A fún ipò, B fún p, C fún z, D fún kílò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìlà kejì:

```
B2:  =(A2-0.5)/15
C2:  =NORM.S.INV(B2)
```

Ẹ fà wọ́n wálẹ̀ dé ìlà 16. Díẹ̀ nínú ohun tó yẹ kí ẹ rí nìyí:

| ipò | kílò | p | z |
|---|---|---|---|
| 1 | 19 | 0.033 | −1.83 |
| 2 | 31 | 0.100 | −1.28 |
| 3 | 33 | 0.167 | −0.97 |
| 8 | 62 | 0.500 | 0 |
| 13 | 112 | 0.833 | 0.97 |
| 14 | 124 | 0.900 | 1.28 |
| 15 | 187 | 0.967 | 1.83 |

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: wọ́n á fi i ÷ n ṣe p. Ti ẹni ìkẹyìn á wá jẹ́ 1. Nọ́máàlì kò ní òpin lápá òkè, nítorí náà kò sí z fún 1, Excel á sì gbé `#NUM!` jáde. Àwọn kan á pa ìlà yẹn rẹ́, wọ́n á máa bá iṣẹ́ lọ. Àmì tó ṣe pàtàkì jù nínú gíráàfù ni wọ́n pa rẹ́ yẹn. 0.5 tí a yọ ló ń gbà wá lọ́wọ́ èyí.

Àṣìṣe kejì ni kí kọ́lọ́ọ̀mù D má tíì tò kí wọ́n tó fi ipò sí i. Àwọn àmì á fọ́n káàkiri bí àgbàdo tó dà sílẹ̀. Gíráàfù kúáńtáìlì kì í lọ sókè kó tún padà sílẹ̀. Tí tiyín bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò tíì to dátà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* z gbọ́dọ̀ dọ́gba lápá méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn jẹ́ nọ́ńbà kan náà, àmì ìyọkúrò ló fi ìyàtọ̀ sí wọn. Àpapọ̀ gbogbo z jẹ́ 0.

Ìpele 3: Ẹ ya àwọn àmì àti ìlà

Ẹ yan kọ́lọ́ọ̀mù C àti D nìkan, kí ẹ sì yan gíráàfù alámì tí kò ní okùn láàárín àwọn àmì. Excel máa ń fi kọ́lọ́ọ̀mù tó wà lápá òsì sí ìbú, nítorí náà z á wà ní ìbú, kílò á sì wà ní òòró. Ìdí tí a fi to kọ́lọ́ọ̀mù báyẹn nìyẹn. Tí kílò bá ṣáájú z, gíráàfù á yí padà, gbogbo ohun tí a ó sọ nípa kíkà rẹ̀ á sì di òdìkejì. SPSS, ní tirẹ̀, máa ń fi dátà sí ìbú. Ẹ wo orúkọ ìbú àti òòró kí ẹ tó ka àwòrán ẹnikẹ́ni.

Ìlà ló kù. Ẹ má lo ìlà tí Excel ń fà fúnra rẹ̀ láàárín àwọn àmì. Gbogbo àmì ló ń fa ìlà yẹn sọ́dọ̀ ara wọn, àwọn tó jìnnà jù ló sì ń fà á jù. Àmì 187 á fa ìlà sókè sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á wá dà bíi pé kò jìnnà sí i. Ẹ̀rí ló ń pa mọ́ yẹn. Ìlà tó yẹ ni èyí tó gba ibi ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ àti ìdá mẹ́rin kẹta kọjá, ìyẹn ibi tí ìdá 25 àti ìdá 75 nínú 100 wà nísàlẹ̀ wọn, tí àwọn ìpẹ̀kun kò lè fọwọ́ kàn:

```
=QUARTILE.INC(D2:D16,1)
=QUARTILE.INC(D2:D16,3)
```

Èsì rẹ̀ jẹ́ 40.5 àti 84.5. Nínú nọ́máàlì, àlàfo láàárín ibi méjèèjì jẹ́ 1.349 lórí ìwọ̀n z. Nítorí náà, bí ìlà ṣe ga sí jẹ́ (84.5 − 40.5) ÷ 1.349, tí í ṣe 32.6. Ibi tó ti gba z = 0 kọjá jẹ́ ìdajì láàárín 40.5 àti 84.5, ìyẹn 62.5. Ìlà wa nìyí:

kílò = 62.5 + 32.6 × z

Ẹ ṣírò rẹ̀ fún z −1.83 àti z 1.83, ẹ ó rí 2.7 àti 122.3. Ẹ so ibi méjèèjì pọ̀ lórí gíráàfù.

Ẹni tó ní R á ṣe gbogbo èyí pẹ̀lú ìlà méjì. Ọ̀nà tí a fi ṣírò p náà ni R ń lò nígbà tí n bá ju 10 lọ, `qqline` sì ń fa ìlà ìdá mẹ́rin yẹn gan-an:

```r
x <- c(19,31,33,36,45,47,58,62,64,78,81,88,112,124,187)
qqnorm(x); qqline(x)
```

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Àwọn àmì àárín, láti nǹkan bí z −0.7 dé 0.7, gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ ìlà. Tí ìlà bá wà lókè gbogbo wọn tàbí nísàlẹ̀ gbogbo wọn, ẹ ṣírò rẹ̀ ṣì.

Ìpele 4: Ẹ ka ìtẹ̀sí, ẹ má ka ìsúnmọ́ nìkan

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ẹ sì máa lọ sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ ń wá ni apá tí àwọn àmì ń gbà kúrò lára ìlà. Tiwa rèé: 19 wà lókè ìlà pẹ̀lú nǹkan bí kílò 16, nítorí 2.7 ni ìlà ń retí níbẹ̀. 31 wà lókè pẹ̀lú 10. Ní àárín, 62 bá ìlà mu. Lẹ́yìn náà, 112 tún wà lókè pẹ̀lú 18, 124 pẹ̀lú 20, 187 sì wà lókè pẹ̀lú 65. Ìpẹ̀kun méjèèjì ló gbé ara wọn sókè, bí ìgbà tí igbá bá ṣí ẹnu sókè.

Ìrísí igbá yìí, nígbà tí dátà bá wà ní òòró, ń sọ pé ìrù ọ̀tún gùn, ti òsì sì kúrú. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké kó ara wọn jọ sísàlẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè kó ohun tó dín sí òdo wá. Àwọn díẹ̀ tí oko wọn tóbi sì na apá òkè jáde. Dátà nípa owó, ìwọ̀n oko, àkókò tí èèyàn fi dúró kí ọkọ̀ tó kún ní gáréèjì, gbogbo wọn ló sábà máa ń ní ìrísí yìí. Tí igbá bá dojú dé, tí ìpẹ̀kun méjèèjì wà nísàlẹ̀ ìlà, ìrù òsì ló gùn, bíi ti máàkì ìdánwò tó rọrùn jù.

Ìrísí míì tó yẹ kí ẹ dá mọ̀ ni èyí tí òsì wà nísàlẹ̀ ìlà, tí ọ̀tún sì wà lókè rẹ̀. Ìrù méjèèjì ló gùn ju ti nọ́máàlì lọ níbẹ̀, òun ló sì léwu jù, nítorí pé ìpíndọ́gba àti nọ́ńbà àárín lè dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má sì fura. Òdìkejì rẹ̀, tí òsì wà lókè tí ọ̀tún wà nísàlẹ̀, ń fi hàn pé ìrù méjèèjì kúrú. Èyí kì í sábà ba ìṣirò jẹ́.

Àwọn àmì tó tò bí àtẹ̀gùn kì í ṣe ẹ̀sùn sí nọ́máàlì. Tí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹni tó wọn ọjà ló ń kọ 45, 50, 55, tí kì í kọ 47. Ẹ wo bóyá àárín àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà.

Àmì kan ṣoṣo tó dá jìnnà ńkọ́? Ẹ padà sínú ìwé sítọ́ọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó lè jẹ́ pé ọkọ àti ìyàwó ló kó ọjà wá papọ̀ tí wọ́n fi orúkọ kan kọ ọ́, ó lè jẹ́ pé 87 ni akọ̀wé fẹ́ kọ. Tí ìwé bá fi hàn pé àṣìṣe ni, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì sọ pé ẹ tún un ṣe. Tí ìwé bá ní 187 ló rí, 187 náà ni yóò wà níbẹ̀. Yíyọ nọ́ńbà nítorí pé ó ba gíráàfù jẹ́ kò yàtọ̀ sí kí òṣùwọ̀n máa purọ́ fún àgbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun mẹ́ta láìwo gíráàfù mọ́: apá wo ni òsì gbà, apá wo ni ọ̀tún gbà, àti kílò mélòó ni èyí tó jìnnà jù fi kúrò.

Ìpele 5: Ṣé ìtẹ̀sí yìí kì í ṣe èèṣì?

Dátà tó jẹ́ nọ́máàlì pọ́ńbélé náà kì í tò gẹ́lẹ́ sórí ìlà. Ìpẹ̀kun ló sì máa ń mì jù. Nínú nọ́ńbà 15 tó jáde láti inú nọ́máàlì, èyí tó tóbi jù máa ń sún sókè tàbí sísàlẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tó lé díẹ̀ ní ìdajì ìwọ̀n ìfọ́nká, nígbà tí èyí tó wà láàárín kì í sún tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré. Lórí ìlà wa tó ga sókè ní 32.6, ìdajì àti díẹ̀ yẹn jẹ́ nǹkan bí kílò 18. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé 18 péré ni 187 fi kúrò, kò sí ọ̀rọ̀. 65 ló fi kúrò, ó ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìlà náà fúnra rẹ̀ wá láti inú nọ́ńbà 15 kan náà, kò dúró ṣinṣin bí ó ṣe rí lójú. Ìdí nìyí tí a kì í fi ìṣirò kan yìí parí rẹ̀.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí a fi dátà wa pa mọ́ sáàárín àwọn tí a mọ̀ dájú pé wọ́n jẹ́ nọ́máàlì, kí a wá ní kí ẹni tí kò rí i rí mú èyí tó yàtọ̀ jáde. R lè ya 20: ọ̀kan jẹ́ tiwa, 19 jẹ́ nọ́máàlì tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ìpíndọ́gba àti ìwọ̀n ìfọ́nká wọn jẹ́ ti dátà wa.

```r
par(mfrow = c(4, 5), mar = c(1, 1, 2, 1))
ibi <- sample(20, 1)
for (k in 1:20) {
  y <- if (k == ibi) x else rnorm(length(x), mean(x), sd(x))
  qqnorm(y, main = k, xlab = "", ylab = "", axes = FALSE)
  qqline(y); box()
}
```

Ẹ má tíì tẹ `ibi`. Ẹ pe ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa dátà náà, kí ẹ sì bi í pé, "Nínú ogún yìí, èwo ló yàtọ̀ jù?" Lẹ́yìn tó bá ti mú nọ́ńbà kan ni kí ẹ tó tẹ `ibi` kí ẹ sì wo èsì. Tí dátà yín bá jẹ́ nọ́máàlì, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ogún ni onítọ̀hún lè ṣèèṣì mú un. Nítorí náà, tó bá mú un, ìtẹ̀sí yẹn kì í ṣe nǹkan tí ẹ lè gbójú fò. Tí kò bá mú un, kò túmọ̀ sí pé dátà náà jẹ́ nọ́máàlì. Ó túmọ̀ sí pé pẹ̀lú nọ́ńbà 15, ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín rẹ̀ àti nọ́máàlì.

Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́, ẹni tó ti ń wo dátà náà láti ọ̀sẹ̀ méjì ló ń fúnra rẹ̀ yàn. Ó ti mọ ojú rẹ̀, kò lè ṣe adájọ́. Èkejì, wọ́n á fi nọ́ńbà sílẹ̀ lórí òòró. Àwọn nọ́máàlì tí kọ̀ǹpútà dá lè ní kílò tó dín sí òdo, tiwa ò sì lè ní in, ẹni tó ń wò ó á tètè mọ̀ ọ́n. Ìdí tí `axes = FALSE` fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kẹta, tí dátà bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ní márùn-ún márùn-ún, àtẹ̀gùn rẹ̀ á tú u fó. Ẹ fi `5*round(rnorm(...)/5)` sí i kí àwọn tó kù náà lè ní àtẹ̀gùn.

Tí R bá gbé `figure margins too large` jáde, àyè àwòrán ló kéré. Ẹ fẹ fèrèsé àwòrán náà kí ẹ tún un tẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọ ohun tí onítọ̀hún mú sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí `ibi`. Tí ẹ bá ṣí i ṣáájú, ẹ tún àwòrán tuntun yà, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Ìpele 6: Ó sún mọ́ ọn tó, àbí kò tó?

A ti rí ìtẹ̀sí. Ó kù ká mọ ohun tó bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ rántí gbólóhùn tí ẹ kọ ní ìpele 1. Olùrà fẹ́ mọ ibi tí kílò ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgbẹ̀ wà. Tí a bá fi nọ́máàlì ṣe é, a ó mú ìpíndọ́gba, a ó fi ìwọ̀n ìfọ́nká méjì kún un, a ó sì yọ ọ́ kúrò: 71 ± 87.7. Ìyẹn jẹ́ láti −17 dé 159. Kò sí àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan tó lè kó kòkó tó dín sí òdo ní kílò 17 wá sí sítọ́ọ̀. Lápá òkè, 187 tó dé lóòótọ́ bọ́ sóde. Fún ìbéèrè yìí, dátà náà kò sún mọ́ nọ́máàlì tó.

Nígbà tí ìrísí bá jẹ́ igbá tó ṣí ẹnu sókè, tí gbogbo nọ́ńbà sì ju òdo lọ, ẹ gbìyànjú lọ́gì. Nínú Excel, `=LN(D2)`. Nínú R, `log(x)`. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìpele 3 àti 4 ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. 19 di 2.94, 62 di 4.13, 187 di 5.23. Ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ 3.70, ìkẹta jẹ́ 4.44, ìlà sì jẹ́ 4.07 + 0.55 × z. Ní ìpẹ̀kun òsì, ìlà ń retí 3.06, a rí 2.94, ó wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Àmì kejì wà lókè díẹ̀, 3.43 sí 3.36. Lápá ọ̀tún, 4.82 wà lókè 4.77, 5.23 sì wà lókè 5.07. Igbá náà ti fọ́: àwọn kan lókè, àwọn kan nísàlẹ̀. Èyí tó jìnnà jù, 0.16, kò tó ìdajì 0.55 tí ìlà fi ń ga sókè, bẹ́ẹ̀ ìdajì àti díẹ̀ ni a ní ìpẹ̀kun máa ń fi mì. Èyí sún mọ́ ọn tó.

Ìpíndọ́gba lọ́gì jẹ́ 4.10, ìwọ̀n ìfọ́nká rẹ̀ sì jẹ́ 0.60. Ìfọ́nká méjì síhìn-ín àti sọ́hùn-ún mú wa dé 2.90 àti 5.30. Ẹ fi `EXP` dá wọn padà sí kílò: láti nǹkan bí 18 dé 200. Gbogbo àgbẹ̀ 15 wà nínú rẹ̀, kò sì sí òdì kankan. Olùrà lè fi èyí ṣiṣẹ́.

Àmọ́ o, ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí. Tí ẹ bá fi `EXP` dá ìpíndọ́gba lọ́gì fúnra rẹ̀ padà, ẹ ó rí nǹkan bí kílò 60, kì í ṣe 71. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà láàárín ni 60 ń sọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí olùrà bá ń béèrè pé ẹrù mélòó ni ọkọ̀ máa kó, tí ẹ sì fi 60 ṣe ìlọ́po 15, ẹ ó sọ fún un pé 900 péré ni, nígbà tó jẹ́ pé kílò 1,065 ló wà nílẹ̀. Ẹrù tó lé ní kílò 160 ò ní rí àyè nínú ọkọ̀. Fún àpapọ̀, ìpíndọ́gba kílò gan-an, 71, ni kí ẹ lò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi `log(x)` rọ́pò `x` nínú ìpele 5, kí ẹ sì pe ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́.

Ìpele 7: Nígbà tí nọ́ńbà bá pọ̀, àti ohun tí ẹ máa kọ

Ọ̀pọ̀ súpáfáísọ̀ máa ń béèrè ìdánwò Shapiro-Wilk, `shapiro.test(x)`. Ẹ ṣe é tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó rọ́pò gíráàfù. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ 10, ó máa ń gba dátà tó wọ́ gan-an wọlé, nítorí ẹ̀rí ò pọ̀. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ 3,000, ó lè kọ dátà sílẹ̀ nítorí ìtẹ̀sí kékeré tí kò lè yí ìpinnu ẹnikẹ́ni padà. Kò sì sọ apá tí ìtẹ̀sí náà wà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Tó bá sì jẹ́ ìpíndọ́gba nìkan ni ẹ ń wá láti inú ọgọ́rọ̀ọ̀rún nọ́ńbà, ìrísí igbá bíi tiwa kì í dá iṣẹ́ dúró mọ́, nítorí pé ìpíndọ́gba ọ̀pọ̀ nọ́ńbà máa ń sún mọ́ nọ́máàlì fúnra rẹ̀. Ìrù tó gùn púpọ̀ ni kí ẹ ṣì máa bẹ̀rù.

Nínú pírójẹ́ẹ̀tì, ẹ fi àwòrán méjèèjì sí i, ti kílò àti ti lọ́gì, kí ẹ sì kọ nǹkan bí èyí sábẹ́ rẹ̀:

"Kílò kòkó àgbẹ̀ 15, dátà ní òòró, z ní ìbú, ìlà gba ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ àti ìkẹta. Ìpẹ̀kun méjèèjì wà lókè ìlà, èyí tó jìnnà jù pẹ̀lú kílò 65. A yẹ ìwé sítọ́ọ̀ wò, nọ́ńbà náà tọ̀nà. Lẹ́yìn lọ́gì, ìtẹ̀sí náà lọ. A ṣírò àlàfo lórí lọ́gì, a sì dá a padà sí kílò. Àpapọ̀ ẹrù wá láti inú ìpíndọ́gba kílò."

Ẹ tún fi èsì ìpele 5 kún un: gíráàfù mélòó ni ẹ yà, èwo ni ẹni tí ẹ pè mú, èwo sì ni tiyín.